Bí ẹni tó ti ìlú kékeré wá ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ sìkọ́láṣíìpù

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sìkọ́láṣíìpù máa ń bi mí léraléra: bí alága ìgbìmọ̀ bá ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ara mi, kí ni kí n sọ? Ṣé kí n mẹ́nu ba ìlú mi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àbí kí n fò ó kọjá? Èsì mi ni pé kí ẹ mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n kí ẹ má kàn gbé e kalẹ̀ lásán. Ìlú kékeré máa ń wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó bá jẹ́ ibi tí ẹ ti rí ìṣòro kan, tí ẹ sì ṣe nǹkan sí i. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹ fi ń wá ojú àánú ìgbìmọ̀, yóò gba àkókò yín lásán ni, kò sì ní fi máàkì kankan kún tiyín.

Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa aṣọ, n kò sì ní sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde ní ìparí.

## Ohun tó ti wà lórí tábìlì kí ẹ tó wọlé

Ìgbìmọ̀ sábà máa ń jẹ́ ènìyàn 3 sí 5. Kí ẹ tó jókòó, fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ ti wà níwájú wọn pẹ̀lú èsì ìdánwò yín àti ìwé tí àwọn olùkọ́ yín kọ láti jẹ́rìí yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìwé máàkì wà, níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn yóò ti fún yín ní máàkì lábẹ́ àwọn àkòrí tí àwọn onísìkọ́láṣíìpù ti fi lélẹ̀. Àwọn àkòrí yìí kì í ṣe àṣírí. Chevening tí í ṣe sìkọ́láṣíìpù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, ń wo bí ènìyàn ṣe ń darí àwọn ẹlòmíràn, bí ó ṣe ń bá ènìyàn da nǹkan pọ̀, ìdí tó fi yan ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti ètò iṣẹ́ tó ní lọ́kàn. Àwọn sìkọ́láṣíìpù Commonwealth náà ń wo ìmọ̀ ìwé, bí ètò ẹ̀kọ́ náà ṣe múná dóko tó, àti àǹfààní tí ẹ̀kọ́ ọ̀hún lè ṣe fún ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti wá.

Ẹ ó rí i pé kò sí àkòrí tí wọ́n pè ní ọjọ́ ìbí, tàbí iye ọmọ tí ìyá yín bí. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìdajì àkókò wọn sọ nìyẹn. Bí ẹ bá ń ka ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù fún ẹni tí fọ́ọ̀mù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan kọ sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń tẹ́tí sí ni ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ jẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí sílẹ̀ fún wọn, wọn yóò sì gba èyí tó wù wọ́n jù wọlé. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá lè dáhùn ìbéèrè 3 lé e lórí nìkan ni kí ẹ fi sí i.

## Kí ẹ kó ìwọ̀nyí jọ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan

- Fọ́ọ̀mù náà gan-an bí ẹ ṣe fi ránṣẹ́. Ẹni tó kọ ọdún 2 sínú fọ́ọ̀mù, tó wá sọ ọdún 3 lẹ́nu, ti dá ìyọnu sílẹ̀ fún ara rẹ̀.
- Àwọn àkòrí tí àwọn onísìkọ́láṣíìpù ń wò, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín dà wọ́n kọ.
- Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ti ṣe nílùú yín, tí ẹlòmíràn lè jẹ́rìí sí.
- Nọ́ńbà díẹ̀ nípa ohun náà: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà, iye ènìyàn, ohun tó yí padà.

## Ìgbésẹ̀ márùn-ún láti kọ ọ́

1. Ẹ yan ohun kan, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Ibí ni ó ti máa ń nira jù fún ẹni tó ti ṣe ohun púpọ̀. Ẹ ti jẹ́ olórí kíláàsì, ẹ ti gba ẹ̀bùn ìṣirò, ẹ sì ń kọrin. Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò sí èyí tí wọn yóò rántí nínú wọn. Ẹ wá èyí tó bá ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ mu jù lọ, ì báà jẹ́ òun ló kéré jù lójú yín.

2. Ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo gbé ìlú náà kalẹ̀. Orúkọ ìlú nìkan kò lè sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ohun tó lè yé e ni iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, tàbí iye wákàtí tí ọkọ̀ ń gbà kí ó tó dé ìlú ńlá tó sún mọ́ ọn jù, tàbí iye ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà níbẹ̀. Ẹ yan èyí tó kan ìtàn tí ẹ fẹ́ sọ. Bí ìtàn yín bá dá lórí ohun tí a kò rí rà nílùú, iye wákàtí ni kí ẹ sọ. Bí ó bá dá lórí ẹ̀kọ́, ẹ sọ ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe sọ pé “ìlú kékeré kan ni, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n,” nítorí pé ẹ ti fi gbólóhùn náà sọ pé ìgbìmọ̀ kò mọ nǹkan, ẹ sì tún ti fi tàbùkù ara yín.

3. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ sọ bí ẹ ṣe mọ̀ pé ìṣòro wà: ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ bi àwọn ènìyàn. Ohun tó ń ya ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ lára ẹni tó kàn ń ráhùn nìyẹn.

4. Ẹ fi ohun tí ẹ kò lè ṣe so ìtàn náà mọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé “láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ sí” ẹ̀kọ́ báyìí. Ìgbìmọ̀ ti gbọ́ gbólóhùn yìí títí ó fi sú wọn. Ibi tí ìmọ̀ yín ti tán lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ìdí tó lágbára jù lọ tí ẹ fi nílò ilé ẹ̀kọ́.

5. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí ẹ sì dákẹ́. Gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó. Bí sìkọ́láṣíìpù náà bá ní òfin pípadà sílé, bí Chevening ṣe ní kí ẹni tó gbà á padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán, ẹ rí i dájú pé ètò yín kò ta ko òfin náà. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe àti irú ibi tí ẹ fẹ́ ti ṣe é. “Mo fẹ́ tún orílẹ̀-èdè mi ṣe” kì í ṣe ètò.

## Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí á mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ omi. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

> “A bí mi sínú ìdílé ọlọ́mọ mẹ́fà, èmi ni ẹ̀kẹta. Ìlú wa ni mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ìlú wa kéré gan-an, kò sí omi, kò sí iná, àwọn òbí mi kò sì lówó lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ sí ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, mo sì lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ẹ bá ràn mí lọ́wọ́, n óò yí ìlú mi padà.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí gbólóhùn kan tí ẹlòmíràn tó ti ìlú kékeré wá kò lè sọ. Ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, àfi kí ó bi í bóyá lóòótọ́ ni kò sí omi rárá. Nígbà tí a wá bi akẹ́kọ̀ọ́ náà pé kí ló ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ omi, ó mú ìwé àjákọ kan jáde. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó ti inú ìwé náà wá:

> “Mo kí gbogbo yín. Mo dàgbà nílùú kan tó ní nǹkan bí 3,000 ènìyàn, ìrìn wákàtí 3 ni láti ibẹ̀ dé ìlú ńlá tó sún mọ́ wa jù. Póǹpù ọlọ́wọ́ 2 ni gbogbo wa fi ń fa omi. Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní girama, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọjọ́ tí póǹpù kọ̀ọ̀kan bá bàjẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe sínú ìwé kan. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé náà fi hàn pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n bàjẹ́, àti pé mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ nítorí rọ́bà inú sílíńdà tó ti jẹ. Rọ́bà náà kò wọ́n. Ohun tó ń ni wá lára ni ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 tí a fi ń dúró kí ẹnì kan tó rà á wá. Mo mú ìwé náà lọ bá àwọn tó ń bójú tó omi nílùú, mo sì dábàá pé kí wọ́n máa ra rọ́bà 2 pamọ́. Wọ́n gbà, wọ́n sì dáwó rẹ̀. Ẹni tó ń tún póǹpù ṣe kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ó bá jẹ́ ti rọ́bà, ọjọ́ 2 ni omi fi ń padà. Ohun tí n kò lè dáhùn ni ìdí tí rọ́bà fi ń tètè jẹ nínú póǹpù kan ju èkejì lọ, bóyá iyanrìn ló ń bá omi wọlé ni, tàbí bí wọ́n ṣe gbẹ́ kànga náà ni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ omi. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, mo fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó omi àwọn ìlú kéékèèké, kí irú àkọsílẹ̀ yìí lè wà fún póǹpù púpọ̀.”

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé tálákà ni òun. Ìlú tí 3,000 ènìyàn ti ń fi póǹpù 2 fa omi ti sọ ìyẹn fúnra rẹ̀. Kò sọ pé òun máa ń ṣiṣẹ́ kára pẹ̀lú. Ìwé tí ènìyàn fi odindi ọdún kọ ni ẹ̀rí rẹ̀. Ìlú náà gba gbólóhùn kan péré ní ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ títí dé òpin, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn “bí ó bá jẹ́ ti rọ́bà” dáadáa. Nínú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kọ́kọ́ tún kọ, ohun tó wà níbẹ̀ ni “mo yanjú ìṣòro omi ìlú wa.” Bí ẹnì kan tó mọ̀ nípa omi bá wà nínú ìgbìmọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò fi wó gbólóhùn yẹn lulẹ̀: àwọn ìgbà 3 tí kì í ṣe rọ́bà ńkọ́? Gbólóhùn tó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ kò ṣeé wó.

## “Mo” àti “a”

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé òun ló ń da àwọn tó ti ìlú kékeré wá láàmú jù. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, iṣẹ́ ìlú kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, ó sì máa ń dà bí ìgbéraga lójú wa láti sọ pé “mo ṣe é.” Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé “a kọ ọ́ sílẹ̀, a lọ bá wọn, a rà á.” Ìgbìmọ̀ kò ní mọ èyí tí ẹ ṣe nínú rẹ̀. Ẹni tó sì ń sọ pé “mo” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń mú kí wọ́n máa rò pé ó ti fi iṣẹ́ ẹlòmíràn kún tirẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ pín iṣẹ́ náà fún àwọn tó ṣe é. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, “mo kọ ọ́ sílẹ̀,” “mo dábàá,” “wọ́n gbà, wọ́n sì dáwó rẹ̀,” “ẹni tó ń tún póǹpù ṣe kọ́ mi.” Gbogbo ènìyàn gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ipa tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kó sì hàn kedere. Lábẹ́ àkòrí ìdarí, gbólóhùn tó sọ pé àwọn àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ girama tí wọ́n sì dáwó lé e lórí níye lórí ju kí ènìyàn pe ara rẹ̀ ní olórí lọ.

Ẹ mú ohun tí ẹ kọ, kí ẹ fi ìlà sábẹ́ gbogbo “mo,” “a” àti “wọ́n.” Bí “a” kan bá wà tí ẹ kò lè sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ẹ yí i padà.

## Ẹ dán ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò

Ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè 3 tó ń jinlẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí á fi ti rọ́bà ṣe é:

1. Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé rọ́bà ni? *Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń tún póǹpù ṣe tú u, ó fi rọ́bà tó ti jẹ hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni n kò sí níbẹ̀, ohun tó sọ fún mi ni mo kọ.*
2. Kí ló dé tí àwọn tó ń bójú tó omi kò ti ra rọ́bà pamọ́ láti ọjọ́ yìí? *Ìgbàkígbà tó bá bàjẹ́, wọ́n rò pé nǹkan mìíràn ni. Kò sí àkọsílẹ̀ tó lè fi hàn wọ́n pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀.*
3. Ta ni yóò máa bá ìwé náà lọ bí ẹ bá lọ sí yunifásítì?

Ìbéèrè kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ náà kò rí nǹkan sọ sí. Ìyẹn gan-an ni àǹfààní ìdánwò yìí, nítorí ó ṣì ní àkókò láti fa ìwé náà lé ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó pé. Bí ẹ bá dé ìbéèrè tí ẹ kò lè dáhùn, tí ẹ kò sì lè ṣe nǹkan sí i, ẹ yọ gbólóhùn tó fà á kúrò.

Ẹ fiyè sí èsì kejì pẹ̀lú. Kò bú àwọn àgbà ìlú. Ẹni tó bá ń fi ìlú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí òun lè tàn yóò nira fún ìgbìmọ̀ láti gbà gbọ́ nígbà tó bá sọ pé òun fẹ́ padà lọ ṣiṣẹ́ fún irú ìlú bẹ́ẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ láìkọ́ ọ sórí

Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sókè, kí ẹ fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Kí ó wà láàárín ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 2, ẹ gé e. Ẹ kà á bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, torí pé ìdágìrì ọjọ́ náà yóò tún fi eré kún ẹnu yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn nìkan ni kí ẹ kọ́ sórí. Fún àárín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ 5 sórí ìwé pélébé: *póǹpù, ìwé, rọ́bà, àwọn àgbà, iyanrìn.* Ẹ sọ ọ́ láti orí ọ̀rọ̀ 5 náà, kí ẹ tún un sọ, kí ó máa yàtọ̀ díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí ni yóò dúró gbagidi bí ọ̀rọ̀ kan bá fò lọ, a sì máa ń gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé àkọ́sórí ni.

Bí kò bá sí ẹni tó ti ṣe irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bẹ́ẹ̀ rí nítòsí yín, kò burú. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́, kí ẹ ní kí ó sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín. Bí ó bá sọ ìwé àti rọ́bà, ọ̀rọ̀ yín ti wọlé. Bí ó bá ní “o ní o fẹ́ lọ sí yunifásítì,” ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ sórí fóònù pẹ̀lú, kí ẹ sì tẹ́tí sí ibi tí ẹ ti ń sáré.

Bí èdè tí ìgbìmọ̀ ń lò kì í bá ṣe èyí tí ẹ ń sọ nílé, ẹ má ṣe yá ohùn tí kì í ṣe tiyín lò. Gbólóhùn kúkúrú, ìdúró díẹ̀ láàárín wọn, ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ dájú: ó tán.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Títọrọ àforíjì nítorí ìlú. “Ilé ẹ̀kọ́ wa kò dára tó ti àwọn yòókù, ẹ jọ̀ọ́.” Bí máàkì yín bá kéré nínú ẹ̀kọ́ kan, ẹ dúró kí wọ́n bi yín, kí ẹ wá sọ ohun tó fà á àti ohun tí ẹ ṣe nípa rẹ̀.

Àsọdùn ìyà. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ lè ti dé ìlú yín, tàbí kí ó ti ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá. Ẹni tó sọ pé kò sí iná rí, nígbà tó jẹ́ pé iná máa ń wá lóòrèkóòrè, ti ba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ìkékúrú orúkọ. Lẹ́tà 4 tí gbogbo ènìyàn fi ń pe ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ yín nílé kò yé ẹnikẹ́ni níta. Ẹ pe orúkọ náà ní kíkún, tàbí kí ẹ kàn sọ ohun tó jẹ́.

Yíyin àwọn onísìkọ́láṣíìpù. Ó ń jẹ àkókò yín, kò sì sí àkòrí fún un nínú ìwé máàkì.

## Bí ọ̀rọ̀ yín bá yàtọ̀ sí àpẹẹrẹ yìí

*Ẹ kò ní iṣẹ́ ìlú kankan.* Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà báyìí, kì í sì í ṣe pé wọn kò ṣe nǹkan. Ẹ ronú lórí ohun tí ẹ ń ṣe léraléra tí ẹlòmíràn gbára lé. Bí kò bá sí olùkọ́ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ yín fún odindi tẹ́ẹ̀mù kan, kí ni ẹ ṣe? Bí ẹ bá pe àwọn mẹ́rin jọ, tí ẹ pín àkòrí láàárín ara yín, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kọ́ àwọn yòókù ní tirẹ̀, ìtàn yín nìyẹn. “Kò sí olùkọ́” gba gbólóhùn kan. Ohun tí ẹ ṣe ló ni ìyókù.

*Orí ẹ̀rọ ayélujára ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà.* Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ lọ dán nẹ́tíwọ̀kì wò níbi tí ẹ máa lò, ní wákàtí kan náà gan-an, nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì àárọ̀ lè má rí bí ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ to ìwé jọ sábẹ́ fóònù kí ojú rẹ̀ lè bá ojú yín dọ́gba. Ẹ gé ọ̀rọ̀ náà kù sí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi ohun tó ṣe pàtàkì jù síwájú, kí ó lè jẹ́ pé bí ìlà bá já, wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ béèrè ṣáájú nọ́ńbà tí ẹ lè pè bí ẹ bá já.

*Wọ́n ní kí ẹ ṣe é ní ṣókí.* Ẹ ní ẹ̀dà ìdajì ìṣẹ́jú nílẹ̀: gbólóhùn ìlú, ohun tí ẹ rí, ohun tó yí padà, ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́. Ẹ má gbìyànjú láti sáré sọ èyí tó gùn.

*Wọ́n dá yín dúró láàárín ọ̀rọ̀.* Ẹnì kan lè bi yín pé “irú rọ́bà wo?” kí ẹ tó dé àárín. Àmì dáadáa nìyẹn, ilẹ̀kùn kan ti ṣí. Ẹ dáhùn ohun tí ó béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí ìbéèrè mìíràn tẹ̀ lé e bí wọ́n bá fẹ́. Ẹ má ṣe sọ pé “ẹ jẹ́ kí n parí èyí tí mo ń sọ ná.” Ibi tí ẹ kò tíì dé nínú ọ̀rọ̀ yín, ní pàtàkì ètò tí ẹ ní fún ẹ̀yìn ẹ̀kọ́, ẹ pa á mọ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàì béèrè rẹ̀ kí ẹ tó dìde. Bí wọn kò bá sì béèrè rẹ̀, ẹ fi gbólóhùn méjì sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un.